Garawa Mẹ́ta Ni Owó Òṣìṣẹ́ Ń Fẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbọ́ títí tí ó fi sú wa. Wọ́n ní owó òṣìṣẹ́ kéré jù láti pín. Wọ́n ní kí á kó gbogbo rẹ̀ sójú kan kí ó lè pọ̀. Irọ́ ni! Owó kékeré gan-an ni kò gbọdọ̀ wà lójú kan, nítorí bí ó bá há síbẹ̀, kò sí òmíràn tí a ó fi gbọ́ bùkátà.

Ẹ wo ohun tí ojú wa rí ní ẹ̀ka yìí. Awakọ̀ akẹ́rù kan gba owó tí ó ti ń dá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó jẹ́ 1,800,000 náírà. Ó fi gbogbo rẹ̀ ra ilẹ̀. Gbogbo wa bá a yọ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, owó ilé dé, 360,000 náírà. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, 240,000 náírà. Ilẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè gé díẹ̀ tà. Ẹni tí ó rí rà á mọ̀ pé ìṣòro ń lé e, 1,300,000 náírà ni ó san. Ilẹ̀ náà kò burú o. Owó tí a ó ná láàárín ọdún kan ni ó fi ra ohun ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ tí a ó ná owó ni ó yẹ kí ó pinnu ibi tí a ó fi í sí, kì í ṣe èlé tí wọ́n fi ń tàn wá. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé garawa mẹ́ta.

Garawa kìn-ín-ní ni ti ohun tí yóò dé kí ọdún tó yí po. Awakọ̀ yìí ì bá fi owó ilé àti owó ilé-ìwé síbẹ̀, kí ó fi 300,000 náírà kún un fún àìsàn àti oúnjẹ: 900,000 náírà lápapọ̀. Báńkì ni ibùgbé rẹ̀. Láti ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣe adójútòfò owó inú báńkì ń dáàbò bo owó oníbàárà dé 5,000,000 náírà ní báńkì ńlá. Alájọ tí ó bá sá lọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Garawa kejì ni ti ọdún kan sí márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ àgbà yóò wọ yunifásítì ní ọdún mẹ́ta sí i, nítorí náà 500,000 náírà ì bá lọ sí bọ́ńdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀. 5,000 náírà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń gbà, a sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

400,000 náírà tí ó kù ni ti garawa kẹta, fún ọjọ́ ogbó: ṣíà, tàbí ilẹ̀ bí owó bá tó o. Iye wọn lè já wálẹ̀, ṣùgbọ́n a ní àkókò láti dúró dè wọ́n.

Àwọn kan yóò ní, kí ló dé tí a kò kúkú fi gbogbo rẹ̀ sí báńkì? Ẹ rántí ọdún 2024. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba nígbà náà, ọjà oṣù Disẹ́ńbà fi ìdá 34.8 nínú 100 wọ́n ju ti Disẹ́ńbà 2023 lọ. Ẹni tí ó tọ́jú 1,000,000 náírà láìsí èlé, ohun tí nǹkan bí 742,000 lè rà tẹ́lẹ̀ ni ó rí rà. Bọ́ńdì pàápàá kò lé ọ̀wọ́n gógó bá nígbà náà, ìdí nìyí tí owó ọjọ́ ogbó kò fi gbọdọ̀ jókòó sí garawa kejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àtúnrọ. Bí garawa kìn-ín-ní bá ku owó oṣù mẹ́ta, ẹ dá ohun tí ẹ ń fi sí ẹ̀kẹta dúró, kí ẹ kọ́kọ́ rọ ti ìsàlẹ̀ kún. Bí bọ́ńdì bá pé, tí ọjọ́ ìnáwó sì kù sí ọdún kan, ẹ dà á sí ti àkọ́kọ́. Bí ṣíà bá gbówó lórí, ẹ lè bù nínú rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ohun tí garawa méjì àkọ́kọ́ wà fún nìyẹn.

Àwọn agbanisíṣẹ́ náà kò ní lọ láìgbọ́ tiwọn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù wa, kí wọ́n fi ìdá 10 nínú 100 tiwọn kún un, kí ó sì dé àpò wa láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí a bá ti gba owó. Garawa kẹta wa ni wọ́n ń dá lu bí wọ́n bá mú un dání. Ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ fi wé ìwé owó oṣù yín. Oṣù tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù ni òfin fi lé e, a ó sì bá yín béèrè rẹ̀.