Ẹ Yé Pe Alátà Ní Olè: Ẹ Ka Èyí Tó Rà Mọ́ Ọn

Bí owó tòmátì bá ti gbéra báyìí, alátà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bú. Ìṣirò wa kò sì gùn: "Wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ ní 40,000 náírà, abọ́ 60 ló wà nínú rẹ̀, kí ló wá dé tí abọ́ kan fi di 1,000?" A ó pín in, a ó rí nǹkan bí 667, a ó sì ní wọ́n ń fi 333 rẹ́ wa jẹ lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni ìṣirò yẹn.

Ẹ mú alátà kan tó ń ra ọjà ní Ọ̀rẹ̀, tó ń tà á ní Àgọ́ Aláyè. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò, ẹ lè fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ó san 3,000 fún ọkọ̀ àti alábàárù, ó san 1,000 fún owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Owó ìsọ̀ jẹ́ 500 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi ta apẹ̀rẹ̀ náà tán: 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ di 45,500.

Ibi tí a ti ń ṣìṣe rèé. Abọ́ 60 kọ́ ni yóò tà. Tòmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló ń ru ti òkè, títì tí kò dán sì ń gbọ̀n ọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́, omi rẹ̀ á ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá rí omi tó ń jò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí abọ́ 10 bá rà, 50 tó kù ló máa ru gbogbo owó náà. Ẹ pín 45,500 sí ọ̀nà 50: 910 ni abọ́ kan, kò tíì jèrè kọ́bọ̀.

Ní 1,000, èrè rẹ̀ jẹ́ 4,500 fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn 1,500 lójúmọ́. Bí gbogbo wa bá sì ná an dé 900, ó ti fi 500 ṣòfò. Bí ọjà bá kú títí dọjọ́ kẹrin, owó ìsọ̀ á tún lé, tòmátì á sì tún rà sí i.

Òótọ́ ni pé ó lè ta èyí tó ti rọ̀ díẹ̀ lọ́pọ̀ nírọ̀lẹ́, kí òfò náà dín kù. Òótọ́ sì ni pé àwọn kan ń lo abọ́ tí wọ́n ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn, ẹ pè é lólè, ẹnu mi kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo ti lé ju ìlọ́po méjì lọ. Alátà kọ́ ló yọ ọ́, òun kọ́ ló sì ba títì jẹ́. Bí a bá ń wá ẹni tí a ó bá jà, ká kọjú sí owó ọkọ̀, títì àti tíkẹ́ẹ̀tì, ká fi 90 náírà obìnrin náà sílẹ̀ fún un.