Ẹ Má Ra Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé, Ẹ Bá Wọn Ka Ìwé

Bí akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń gbé Pẹ́dúrò ní Ṣómólú bá fẹ̀yìn tì, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣómólú ni gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jìnnà sí etí ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Àwọn ará ilé á ní kó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan, kó gba ọmọkùnrin kan tí yóò máa bá a tẹ̀wé. Èrò tèmi ni pé kó má ṣe é. Iṣẹ́ mìíràn wà láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé wọ̀nyí tó bá ọgbọ́n tó ti kó jọ lọ́fíìsì mu, tí kò sì gba ju gíláàsì ojú, bírò àti fóònù lọ. Iṣẹ́ náà ni kíka ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí àṣìṣe kan ṣoṣo tó di ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi kọ ẹ̀rọ. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2014, owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ rẹ̀ jọ dá sínú àkáǹtì kan ni wọ́n fi ń san owó fún un lẹ́yìn iṣẹ́. Èyí tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ń fẹ̀yìn tì ti kúrò lára èyí tí wọn ó máa san fún un lóṣooṣù. Bí ẹ̀rọ tó fi owó náà rà bá dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kékeré yẹn kò ní tó tún un ṣe. Ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ dísù nígbà tí kò bá sí iná, ó ń fẹ́ páàtì. Ní pàtàkì jù, bí olówó ẹ̀rọ kò bá mọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ló di ọ̀gá.

Ẹ wá wo ibi tí àyè ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe pléètì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwòrán aláwọ̀ mèremère gba pléètì mẹ́rin. Àṣìṣe tí wọ́n bá rí lójú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Èyí tí wọ́n bá rí lẹ́yìn pléètì ti di owó pléètì mìíràn. Èyí tí wọ́n bá rí lẹ́yìn tí ìwé jáde ti di bébà àti íńkì tó ṣòfò, pẹ̀lú ìjà lórí ẹni tí yóò san án. Ẹni tó ń ya ìwé lórí kọ̀ǹpútà ń wo ẹwà, atẹ̀wé ń tẹ ohun tí wọ́n gbé fún un, ọ̀fọ̀ tàbí ìnáwó sì ti gba ọkàn oníbàárà. Kò sẹ́ni tí kíkà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú kan, olójú ewé 16, ẹ̀dà 300. Ohun àkọ́kọ́ ni kíka iye ojú ewé. Bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ń fúnni ní ojú ewé mẹ́rin, nítorí náà ìwé tí wọ́n fi pínnì mú láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, bíi 12, 16 tàbí 20. Bí ọmọ olóògbé kan bá mú ọ̀rọ̀ ìdágbére wá ní ìrọ̀lẹ́, tí ìwé di ojú ewé 17, ó ti di 20 nìyẹn. Bí ìwé náà bá jẹ́ ìdajì A4, bébà A4 mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀dà kan, 1,200 fún gbogbo rẹ̀; ojú ewé 20 á sọ ọ́ di 1,500. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yàn: kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ kúrú tàbí kí wọ́n fi owó kún owó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ gbogbo orúkọ, ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé sórí ìwé lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi wé gbogbo ibi tí wọ́n ti jẹ yọ. Ká ní ẹ̀yìn ìwé sọ pé wọ́n bí olóògbé ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, 1947, ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, 2026, ẹni ọdún 79. Bí a bá yọ ọdún kúrò nínú ọdún, 79 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá kò tíì dé nígbà tó kú: 78 ni. Bí inú ìwé bá sì sọ pé ìsìn jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ẹ wo kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 13 ni ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta ni 14. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó yan èyí tó tọ́. Ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ bi ẹbí.

Ìgbà yìí ni kíka ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn méjì ló sì dára fún un. Kí ọ̀kan máa ka èyí tí ẹbí kọ wá sókè, kí ojú èkejì wà lórí èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, nítorí ojú nìkan máa ń fi ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ dí àlàfo. Ẹ ka nọ́ńbà fóònù ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ ṣọ́ oríkì àti orin ìsìn tó jẹ́ èdè Yorùbá: bí fáìlì bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn tí kò ní irú lẹ́tà náà, àmì orí àti ìsàlẹ̀ lè pòórá tàbí kó di àpótí kéékèèké. Ẹ ní kí ayàwé sọ lẹ́tà di àwòrán kó tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì ka èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún àṣìṣe ṣe, ẹ padà wo ibẹ̀ àti ìlà tó yí i ká, torí àtúnṣe a máa bí àṣìṣe tuntun.

Ẹbí ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ìwé yẹn ni yóò dáàbò bò yín bí wàhálà bá dé.

Ní ti owó, ẹ gbà á lórí ojú ewé, kí ẹ sì dá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ fẹnu kò sí 500 náírà lójú ewé kan, ìwé wa yìí á mú 8,000 náírà wá. Kíka àtúnṣe wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé tuntun ní owó tirẹ̀. Kí wọ́n san án nígbà tí ẹ bá dá ìwé padà, kó má di ẹ̀yìn ìsìnkú. Ẹ má gba owó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ má sì fi owó yín ra bébà fún ẹnikẹ́ni, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò léwu ti ń di gbèsè. Iṣẹ́ náà kì í dọ́gba: ó ń pọ̀ nígbà kàlẹ́ńdà ní ìparí ọdún, ọ̀sẹ̀ mìíràn sì lè kọjá láìsí nǹkan kan. Ẹ má fi í ka owó ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo, kó bá wọn ka iṣẹ́ kan tó wà nílẹ̀, kó fi àṣìṣe tó rí hàn wọ́n. Olówó ilé ìtẹ̀wé tó ti tún iṣẹ́ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ rí kò ní pẹ́ lóye. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pè yín lẹ́yìn tí pléètì ti jáde, orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ fi bo àṣìṣe. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró fún oníbàárà lórí gbèsè, ẹ dá ìwé wọn padà, kí ẹ máa lọ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn. Wọ́n pọ̀ ní Ṣómólú.