Aago Mélòó Lẹ Gún Un Lábẹ́rẹ́?

Bébà tí wọ́n máa ń kọ ní ilé ìtọ́jú kékeré, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi áńbúláǹsì gbé aláìsàn lọ sí Jẹ́nẹ́rà, ìkíni ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Lẹ́yìn ìkíni ni ìtàn: ìgbà tó wá forúkọ oyún sílẹ̀, iye ìgbà tó ti wá, àdúgbò tó ń gbé, ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti ń yára nítorí pé dẹ́rẹ́bà ti ń fun fèrè níta, ni wọ́n á wá kọ ọ́ sí pé gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti gún un lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wo? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Aago mélòó? Kò sí níbẹ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kí wọ́n dorí bébà náà kodò, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè. Gìrì aboyún la ó fi ṣàlàyé ohun tí à ń wí, nítorí pé nínú àìsàn yìí, oògùn tó ń gba ẹ̀mí là náà lè gba ẹ̀mí bí ẹni tó kàn kò bá mọ ìgbà tí wọ́n lò ó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan, ọmọ ọdún 22, tó lóyún àkọ́kọ́ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 34, ni wọ́n gbé dé ilé ìtọ́jú ní ìlú kékeré kan láàárọ̀. Orí ti ń fọ́ ọ láti àná, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Gìrì mú un ní aago 9:55, ó tún mú un ní 10:10. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 190 lórí 125. Oògùn tó yẹ fún un ni maginísíọ́mù sọ́fétì. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Magpie, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ lára àwọn aboyún tí ìfúnpá wọn ti ga débi tí gìrì fi lè mú wọn. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń lò jẹ́ gíráàmù 14: wọ́n á fi gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá gún gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún àti 5 sí ìdí òsì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, wọ́n á gún gíráàmù 5 mìíràn sí ìdí kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é, láti ìdí kan sí èkejì, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú náà mọ iṣẹ́. Ó gún un ní gbogbo rẹ̀. Áńbúláǹsì gbéra ní 10:45, ọ̀nà kò dára, wọ́n dé Jẹ́nẹ́rà ní aago 12:50. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rí obìnrin tó ń sùn, tí kì í dáhùn dáadáa bí wọ́n bá pè é. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe fún un. Ọkọ ní, "Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, sà. Méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n ṣe gudugudu méje." Dókítà yẹ bébà wò. Ó ka ìkíni, ó ka ìtàn, ó dé ìlà tó gbẹ̀yìn: abẹ́rẹ́ ti wọlé.

Kí ni dókítà yóò ṣe? Ẹni tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń sùn fọnfọn, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ẹni tí wọ́n fún ní dáyásípáàmù, tí ilé ìtọ́jú mìíràn ṣì ń lò fún gìrì, á sùn pẹ̀lú. Ẹni tí maginísíọ́mù ti pọ̀ jù lára rẹ̀ á rẹ̀ gidi, kò ní lè gbé ara, èémí rẹ̀ á sì máa fà sẹ́yìn. Ọpọlọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà lè fà á. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra lójú ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí dókítà bá rò pé wọn kò tíì fún un ní maginísíọ́mù, tó tún gún gíráàmù 14 mìíràn, ìyẹn di 28 láàárín wákàtí mẹ́ta, èémí obìnrin náà sì lè dá. Bí ó bá rò pé ó ti gbà á tán, tó sì jẹ́ gíráàmù 4 péré ló wọlé nítorí pé oògùn tán ní ilé ìtọ́jú, gìrì lè tún mú un lórí ibùsùn Jẹ́nẹ́rà. Dókítà tó fara balẹ̀ á ka èémí rẹ̀, á fi nǹkan kan iṣan abẹ́ orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ ń ta, nítorí pé ìta ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń lọ kí èémí tó bàjẹ́, á sì ní kí wọ́n gbé kálísíọ́mù glukonéètì tó ń pa agbára maginísíọ́mù sítòsí. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni ì bá yanjú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí a bá ní ká kọ ọ́, báyìí ni a ó ṣe kọ bébà náà, lábẹ́ orúkọ obìnrin náà:

Gìrì aboyún. Ọmọ ọdún 22, oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 34. Gìrì mú un ní 9:55 àti 10:10, kò tún mú un mọ́.
Maginísíọ́mù: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní 10:15, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì ní 10:20. Àpapọ̀ 14. Èyí tó kàn: 2:20 ọ̀sán. Kò gba dáyásípáàmù.
Haidirálásíìnì mílígíráàmù 5 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní 10:30.
Ìfúnpá 190/125 ní 10:12. 165/110 ní 10:42. Èémí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Oorun ń kùn ún, ó ń dáhùn bí a bá pè é. Ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń lù, 140.
Rọ́bà ìtọ̀ wọlé ní 10:30, a da àpò rẹ̀ nù ní 10:42.
A fẹ́: ibi tí wọ́n ti lè gbẹ̀bí tàbí ṣiṣẹ́ abẹ lónìí.

Lẹ́yìn èyí ni ìyókù lè tẹ̀ lé e: bóyá oògùn kan kì í bá a lára mu, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ nọ́ọ̀sì àti nọ́ńbà fóònù tí yóò gbé nígbà tí wọ́n bá pè é. Bí àyè bá kù, kí wọ́n kọ ìtàn.

Ẹ wò ó pé gíráàmù ni a kọ, a kò kọ iye ìgò. Ìgò maginísíọ́mù tó wà lọ́jà kò rí bákan náà; èyí tó kéré lè ní gíráàmù 1, èyí tó tóbi lè ní 5. Ẹni tó bá kọ "ìgò mẹ́ta" kò tíì sọ nǹkan kan. Aago rọ́bà ìtọ̀ náà nídìí. Kíndìnrín ló ń kó maginísíọ́mù jáde lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó gún èyí tó kàn pé ìtọ̀ ń jáde tó mílílítà 30 ó kéré tán ní wákàtí kan. Bí àpò ìtọ̀ bá dé Jẹ́nẹ́rà pẹ̀lú mílílítà 70 nínú rẹ̀, láti 10:42 sí 12:50, iṣẹ́ ń lọ. Bí kò bá sí aago, 70 yẹn lè jẹ́ ti wákàtí méjì, ó lè jẹ́ ti àná. Ìfúnpá méjì tí a kọ pẹ̀lú aago méjì ń sọ ibi tí ara ń lọ. Ẹyọ kan kò lè sọ ọ́.

Àwọn kan á sọ pé ìlànà ti wà nílẹ̀. Wọ́n tọ̀nà. SBAR, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi, kí ilé iṣẹ́ ìlera Kaiser Permanente tó mú un wọ ilé ìwòsàn, ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri ayé. Ó ní kí a sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀, ohun tí a rí, ohun tí a ń fẹ́. A kò bá a jà. Fún ìpè orí fóònù, ó dára. Ṣùgbọ́n nínú bébà pàjáwìrì, ipò kejì tó fún ìtàn ga jù. Oògùn tó ti wà nínú ara àti aago rẹ̀ ló yẹ kó jókòó síbẹ̀, torí pé òun ni dókítà Jẹ́nẹ́rà kò lè fojú ara rẹ̀ rí. Ìfúnpá, ó lè tún un wọ̀n. Ọjọ́ orí, ó lè béèrè. Ohun tó wọ ìdí aláìsàn ní aago 10:20 kò sí lójú ẹnikẹ́ni, àyàfi ẹni tó gún un.

Àmọ́ o, bébà kò gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró. Ìgbà tí wọ́n bá ń gún abẹ́rẹ́ ni kí ẹnì kan ti máa kọ aago sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá dá wà, kó kọ ọ́ sórí pílásítà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá aláìsàn, kí ọkọ̀ máa lọ. Kó tó gbéra, kí wọ́n pe Jẹ́nẹ́rà, nítorí pé bébà tó dára jù lọ kò lè ṣí yàrá iṣẹ́ abẹ tí kò sí dókítà nínú rẹ̀. Kí bébà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá aláìsàn lọ láti ilé ìtọ́jú, kì í ṣe àpò ọkọ. Ọkọ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wá owó. Kí ẹ̀dà rẹ̀ kan sì kù sílé.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 ti ya ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó àkànṣe ìtọ́jú ìpìlẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Àríyànjiyàn lórí owó áńbúláǹsì pọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Títún fọ́ọ̀mù tẹ̀ kò ní ná ìjọba tó owó epo ọkọ̀ kan. A ń béèrè pé kí àwọn àjọ ìtọ́jú ìlera alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ wa tẹ fọ́ọ̀mù tí àpótí rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ewu tó wà nílẹ̀, kí èkejì jẹ́ oògùn, ìwọ̀n àti aago, kí ìkíni má sì ní àpótí rárá. Kí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé ya, kí Jẹ́nẹ́rà kọ ohun tó bá aláìsàn náà sí i, kó sì dá a pa dà fún nọ́ọ̀sì tó fi í ránṣẹ́, nítorí pé lónìí, púpọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ bóyá ẹni tí wọ́n gbé sọ́kọ̀ yè.