Èlé Ló Ń Dá Iye Dọ́là Ọdún Tí Ń Bọ̀

Ẹni tó tìtorí iye tí báǹkì dá lónìí fún dọ́là ọdún tí ń bọ̀ kó dọ́là pamọ́ ṣi ìṣirò èlé mú fún àsọtẹ́lẹ̀.

Ká ní dọ́là kan jẹ́ náírà 1,500. Èlé náírà jẹ́ 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ti dọ́là jẹ́ 5. Ẹni tó yá dọ́là 1,000, tó ṣẹ́ ẹ sí náírà, tó fi í gba èlé, yóò ní náírà 1,890,000 bí ọdún bá pé. Gbèsè rẹ̀ yóò di dọ́là 1,050. Bí wọ́n bá ti dá dọ́là ní náírà 1,800, ọgbọọgba ni. Bí ó bá jẹ́ 1,700, èrè náírà 105,000 wọlé láìsí ewu; àwọn oníṣòwò owó yóò rọ́ wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbẹ.

Àmọ́ níbi tí dọ́là bá ti ṣòro láti yá, ta ni yóò rọ́ wọ̀ ọ́?