Ògbufọ̀, má ba ìkíni àlejò jẹ́

Káàkiri abúlé Akinyẹlé, Lagelu, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹni tó bá àgbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò kí i, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Àlejò tó kí ènìyàn, tí ògbufọ̀ wá ba ìkíni rẹ̀ jẹ́, ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìbàdàn. Láti ọdún 1967 tí wọ́n ti dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni àwọn onímọ̀ láti òkè òkun ti ń wá síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì gbọ́ Yorùbá.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Bàbá àgbàlagbà kan ń roko ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án gangan. Àlejò dé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gúdù àfútánúùnù. Háò à yú?" Bí ògbufọ̀ bá ní, "Ó ní ọ̀sán dára, ó ní báwo lẹ ṣe wà," kò purọ́, ṣùgbọ́n bàbá kò rí ìkíni gbà níbẹ̀. Bóyá kó wòkè, kó ní oòrùn mú púpọ̀. Kódà, "Ẹ káàsán" nìkan kò tó, nítorí àkókò ló kí, kò kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá.

Ohun tó yẹ kí ògbufọ̀ sọ ni pé, "Àlejò yìí ń kí yín o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àroko bọ́dún dé o." Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀ sí ọmọdé nínú ìkíni, ògbufọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi "ẹ" ọ̀wọ̀ yẹn sí i. Bàbá yóò gbé ọkọ́ dúró, yóò ní, "Àṣẹ o. Ẹ káàbọ̀."

Èsì yẹn ni òṣùwọ̀n. Ẹni tó kí onídìrí pé "Ojú gbooro o," ń retí "Òòyà á yà á o." Bí èsì tó yẹ bá jáde, ìkíni ti dé ibi tó ń lọ. Bí ẹni tí wọ́n kí bá dákẹ́, tàbí tó ń ṣàlàyé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí bàbá bá ló kan láti kí àlejò tó ń wọn ilẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Wẹ́ẹ̀lì dọ́ọ̀nù" ni ọ̀pọ̀ yóò túmọ̀ rẹ̀ sí. Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu òyìnbó, iṣẹ́ tó ti parí, tó sì dára, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn yìn, ọ̀gá ló sì sábà ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹnu lè ya àlejò pé kí ni bàbá rí tó fi ń yin òun nígbà tí òun kò tíì ṣe tán. Ó sàn kí ògbufọ̀ sọ fún un pé bàbá kí i tayọ̀tayọ̀, ó sì bá a kẹ́dùn wàhálà iṣẹ́.

Òmìnira yìí kò kọjá ìkíni o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìwọ̀n ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò, bí ògbufọ̀ ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ ni kó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí wọn kò kí dáadáa, ta ló mọ̀ bóyá yóò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ náà?