Àjẹmọ́nú Agbábọ́ọ̀lù àti Owó Ẹnubodè

Nígbà tí sáà ìdíje bọ́ọ̀lù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké máa ń fi ìkánjú ṣe. Wọn a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọn a ka iye òǹwòran tí ó wá ní sáà tí ó kọjá, wọn a fi owó tíkẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ di náírà, wọn a sì ṣe ìlérí àjẹmọ́nú fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí owó tí kò tíì wọlé. Kí sáà tó dé ìdajì, ariwo ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará ìlú a ní akápò ti kó owó jẹ. A kò lè búra fún gbogbo akápò, ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ìṣirò ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú ìjà wọ̀nyí sílẹ̀, kì í ṣe olè.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn dá ẹgbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nínú líìgì tí ẹgbẹ́ mẹ́wàá wà. Ìgbà 18 ni yóò gbá bọ́ọ̀lù ní sáà kan, 9 nílé, 9 lóde. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ 500 náírà. Ní sáà tí ó kọjá, iye àwọn tí ó sanwó wọlé nílé, bí a bá tò ó láti orí èyí tí ó kéré jù, jẹ́ 300, 350, 380, 400, 420, 450, 500, 600 àti 2,000. Bí a bá ro ó pọ̀ tí a sì fi 9 pín in, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 600. Iye yìí ni ìgbìmọ̀ yóò kọ sínú ìwé, owó ẹnubodè wọn yóò sì di 2,700,000 náírà.

Iye náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ń tan ni jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òǹwòran ju 600 lọ ní gbogbo sáà náà, èyíinì ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ìlú kejì, abánidíje wọn àtijọ́, wá. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gba 100 lè gbé ìpíndọ́gba kíláàsì tí kò mọ̀wé sókè. Bí ẹgbẹ́ abánidíje náà bá gòkè lọ sí líìgì mìíràn, tàbí bí òjò ńlá bá rọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, àwọn 2,000 náà kò sí mọ́. Nítorí náà, iye tí ó wà láàárín gbùngbùn ni ó yẹ kí á mú, èyíinì 420, tí mẹ́rin kéré sí, tí mẹ́rin sì pọ̀ jù. 420 ní ìgbà 9, ní 500 náírà, fún wa ní 1,890,000. Ó dín ní 810,000 sí ti ìgbìmọ̀. Owó tí ó ń bí ìjà nìyẹn.

Kí á tó kúrò níbẹ̀, òǹwòran tí a fojú kà kọ́ ni òǹwòran tí ó sanwó. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tí a tà ni kí a kọ sílẹ̀, kí a ka àwọn tí ó ṣẹ́kù, kí owó ọwọ́ sì bá a mu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí pápá bá kún tí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín, ẹnubodè ni kí á lọ wò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sórí àjẹmọ́nú. Agbábọ́ọ̀lù 18 ni ẹgbẹ́ wa ń kó lọ sí pápá, 11 àti adípò 7. Ìgbìmọ̀ ṣe ìlérí 5,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí wọ́n bá borí, èyí tí ó jẹ́ 90,000 fún ìṣẹ́gun kan. Nítorí pé wọ́n borí ní ìgbà 6 ní sáà tí ó kọjá, wọ́n ya 540,000 sọ́tọ̀. Ǹjẹ́ bí wọ́n bá borí ní ìgbà 12 ńkọ́? Inú gbogbo ìlú yóò dùn, àfi ti akápò, nítorí gbèsè 540,000 mìíràn ti dé. Wọn a ní, "Òǹwòran yóò pọ̀ sí i, owó yóò wọlé." Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kí owó náà tó lè ti ẹnubodè wá, a nílò ẹni 1,080 tí a kò kà tẹ́lẹ̀, èyíinì 120 kún 420 ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọn yóò gbá nílé, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn kì í wá lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ borí. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn ìṣẹ́gun bíi mélòó kan ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Èyí tí ó burú jù ni pé ìṣẹ́gun òde kò ní ẹnubodè kankan tí yóò san owó rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó gbà wá lálejò ni ó ń kó owó ọjọ́ náà, àwa sì ń san àjẹmọ́nú àti owó ọkọ̀.

Ohun tí àwa rí sí i ni kí á pín àjẹmọ́nú sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni èyí tí ó dájú, 2,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, nílé tàbí lóde. Bí wọ́n bá tilẹ̀ borí ní gbogbo ìgbà 18, kò lè ju 648,000 lọ, a sì lè fi owó náà pamọ́ sí bánkì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìlérí ti tẹ́lẹ̀, irú sáà bẹ́ẹ̀ ìbá gba 1,620,000. Èkejì ni àpò kan tí a ó máa fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn òǹwòran tí ó bá kọjá 420 sí. Bí ẹni 700 bá wá, 280 ni ó lé, owó wọn jẹ́ 140,000, àpò yóò sì gba 56,000. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta nílé ni a ó pín in gẹ́gẹ́ bí àmì tí ẹgbẹ́ gbà láàárín àkókò náà, kí ọ̀mì tí wọ́n fi agbára gbá lóde lè ní èrè tirẹ̀.

Ètò yìí ní àléébù. Agbábọ́ọ̀lù kọ́ ni ó ń rọ òjò, kì í sì í ṣe òun ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó lè fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kí àpò sì ṣófo. Ìdí nìyí tí apá tí ó dájú kò fi gbọdọ̀ kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Ó sì tún yẹ kí balógun ẹgbẹ́ jókòó ti akápò nígbà tí wọ́n bá ń ka tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn ọmọ kò ní gba ìṣirò tí a ṣe lẹ́yìn wọn gbọ́.

Ohunkóhun tí a bá fẹnu kò lé lórí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa kọ̀ láti wọ ọkọ̀ òfurufú láti Nàmíbíà lọ sí ìdíje kan ní Bràsíìlì, nítorí àríyànjiyàn lórí àjẹmọ́nú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò, ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní ju akápò kan àti ìwé kan lọ kò lè bọ́ nínú rẹ̀.

Ó ku àjẹmọ́nú ìgòkè sí líìgì tí ó ga, èyí tí àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ràn láti fi dá àwọn ọmọ lọ́rùn. Owó tí ìgòkè ń mú wá kì í dé títí di sáà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ Líìdísì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yá 60 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní ọdún 2001 lórí owó ẹnubodè ọjọ́ iwájú. Wọn kò rí ààyè wọ ìdíje ńlá ti Yúróòpù tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì já kúrò nínú líìgì àgbà ní ọdún 2004. Bí ìgbìmọ̀ wa bá fẹ́ ṣe ìlérí ìgòkè, kí wọ́n kọ ọ́ pé ìdajì ni a ó san ní òpin sáà láti inú owó tí ó wà nílẹ̀, kí ìdajì tí ó kù sì di sísan nígbà tí onígbọ̀wọ́ sáà tuntun bá san owó tirẹ̀, kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù sì fọwọ́ sí i.