Ìlà 1.00 Ń Lé Ẹni Tó Ń Dìde, Ó Sì Ń Fojú Fo Ẹni Tó Ń Rì

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti parí, àwọn ilé kan máa ń wà ní Adéníji Adélé àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ìròyìn burúkú máa ń wọ̀. Ọmọ tí ń gba orí Afárá Kẹta kọjá lọ sí yunifásítì láràárọ̀ yóò wọlé, yóò sọ pé wọ́n ti fi òun sí ipò ìkìlọ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní purobéṣọ̀n. Bí ó bá tún di ọdún kejì, ó lè jẹ́ ìwé pé kí ó máa lọ sílé ni yóò mú wá. Kíá ni bàbá yóò ti sọ pé ọmọ náà kò kàwé. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ọmọ náà ti ń kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, tó jẹ́ pé irú nọ́ńbà tí yunifásítì yàn láti máa wò ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Nọ́ńbà méjì ló wà lójú ìwé èsì. Èkíní ni ìpíndọ́gba sẹ̀mẹ́sítà, tí wọ́n ń kọ ní GPA. Èkejì ni ìpíndọ́gba àpapọ̀, CGPA. Ìṣirò kan náà ló bí àwọn méjèèjì. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F kò ní nǹkan kan. Wọn yóò fi iye yìí sọ yúnìtì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìpíndọ́gba sẹ̀mẹ́sítà kò mọ̀ ju oṣù mélòó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ, nígbà tí ìpíndọ́gba àpapọ̀ ń gbé gbogbo ẹrù ẹ̀yìn rù láti ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé. Èkíní ń sọ ibi tí ọmọ dé báyìí. Èkejì ń sọ gbogbo ọ̀nà tó ti rìn.

Ìlànà tí Àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà fi lélẹ̀ kò bìkítà fún èkíní rárá. Ohun tó wí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpíndọ́gba àpapọ̀ rẹ̀ bá kéré sí 1.00 ní òpin ọdún yóò wà ní ipò ìkìlọ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Bí ó bá ṣì wà lábẹ́ ìlà náà nígbà tí ọdún yẹn parí, kí ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Àwọn yunifásítì mìíràn gbé ìlà tiwọn ga sí 1.50, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń wò.

Kí ojú lè rí ohun tí èyí ń ṣe, kí a mú ọmọbìnrin kan tó ń forúkọ sílẹ̀ fún 20 yúnìtì ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Ọdún kìíní bá a lójijì: ó kó point 6 ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0.30. Ó kó 10 ní èkejì, ìyẹn 0.50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 lórí 40 yúnìtì, èyí tí í ṣe 0.40. Wọ́n fi í sí ipò ìkìlọ̀, ẹ̀tọ́ sì ni. Ní ọdún kejì, ọmọ yìí jí. Ó kó 28, ó di 1.40, ó tún kó 32, ó di 1.60. Ìpíndọ́gba ọdún yẹn nìkan jẹ́ 1.50 gééré, ibi tí oyè onípò kẹta ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da ti èṣí mọ́ ọn, 76 lórí 80 ló kù, ìyẹn 0.95. Ìwé pé kí ó máa lọ ti dé. Point mẹ́rin péré ló dín: ká ní E kan nínú ẹ̀kọ́ oníyúnìtì mẹ́rin ti jẹ́ D ni, kò ní sí ẹni tí yóò lé e. 0.30, 0.50, 1.40, 1.60: ta ni yóò wo àwọn nọ́ńbà yìí tí yóò ní ọmọ tó ń lọ sísàlẹ̀ ni èyí?

Kí a wá wo ọmọkùnrin kan ní ilé kejì. Ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ dára púpọ̀: point 280 lórí 80 yúnìtì, ìyẹn 3.50, ẹnu ọ̀nà ipò kejì àgbà. Nígbà tó dé ọdún kẹta, nǹkan wó lulẹ̀. Ó kó 16 ní sẹ̀mẹ́sítà kan, 0.80, ó kó 8 ní èyí tó tẹ̀ lé e, 0.40. Bóyá àìsàn ni, bóyá gbèsè, bóyá ó ti ń bá àwọn tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà lọ láti àárọ̀ kí owó ilé-ìwé lè pé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè, nítorí pé ìpíndọ́gba àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 2.53. Lójú ìlànà, àlàáfíà ni ó wà. Bí ó bá gba F nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún kẹrin pátápátá, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 304 lórí 160, ìyẹn 1.90, agogo ìkìlọ̀ kò sì ní dún síbẹ̀. Lóòótọ́, kò lè gboyè pẹ̀lú àwọn F wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni ilé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ohun tó fa èyí kò ju pé bí yúnìtì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpíndọ́gba àpapọ̀ ń le bí igi gbígbẹ. Ní ọdún kìíní, sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo lè fọ́ ọ. Ní ọdún kẹta, ọdún kan gbáko kò lè mì í dé ìsàlẹ̀ ìlà. Ìlà kan náà wá le koko mọ́ ọmọ tuntun, ó sì dẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ fún àgbà. Ó tún burú sí i níbi tí wọ́n bá ti dín yúnìtì ẹni tó wà ní ipò ìkìlọ̀ kù. Ọmọbìnrin ọ̀hún nílò 1.60 nínú 40 yúnìtì kí ó tó lè bọ́. Bí wọ́n bá fún un ní 30 péré, 1.80 ni yóò nílò. Wọ́n ní àwọn ń mú kí ẹrù fúyẹ́, wọ́n sì ń mú kí òkè ga.

Ní Nàìjíríà pàápàá, sẹ̀mẹ́sítà kì í rí bákan náà. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì. Ẹni tó padà dé yàrá ìdánwò lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ lè ṣubú nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, èsì náà yóò sì máa bá a rìn nínú àpapọ̀ títí yóò fi jáde.

Àwọn tó ń gbèjà ìlànà yìí a máa ní ìpíndọ́gba sẹ̀mẹ́sítà ń fò sókè sódò jù, àti pé ibà ọ̀sẹ̀ méjì lè bà á jẹ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi í lé ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí a fún un: bí sẹ̀mẹ́sítà kan bá ti wà lábẹ́ 1.50, kí olùdámọ̀ràn pe akẹ́kọ̀ọ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun yòówù tí àpapọ̀ rẹ̀ ìbáà jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó wà ní ipò ìkìlọ̀ ni, tí ọdún tó lò níbẹ̀ fúnra rẹ̀ dé 1.50, kí Sẹ́néètì fi ọdún kan kún un fún un dípò kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìlélọ. Àwọn nọ́ńbà náà ti wà lójú ìwé èsì tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sí.